Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n ààyè inú onígun mẹ́ta nígbà tí gígùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan wà lọ́wọ́

Ilẹ̀ tí ó bá bọ́ sí orí oríta kì í sábà ní igun mẹ́rin. Ọ̀nà kan á gé e ní apá kan, ọ̀nà kejì á gé e ní apá kejì, ọgbà aládùúgbò á sì dí ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹ́kù á wá jẹ́ onígun mẹ́ta. Bí ẹni tí ó fẹ́ rà á bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe tó, ìṣirò tí gbogbo wa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, pé kí a fi ìdúró sọ ìdí di púpọ̀, kí a sì pín èsì rẹ̀ sí méjì. Ìdúró yẹn gan-an ni ìṣòro wà. Ìdúró ni ìlà tí ó lọ tààrà láti igun kan dé ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí i, tí kò sì tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì níbi tí ó ti kan ẹ̀gbẹ́ náà. Inú ilẹ̀ ni ìlà yìí ń gbà kọjá, bí kànga, ìpìlẹ̀ ilé, òkìtì iyanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀ bá sì wà láàárín, tépù kò ní lè gba ibẹ̀. Kódà bí a bá ti ro ilẹ̀ náà tí ó mọ́ fínnífínní, ojú lásán kò lè sọ ibi tí ìlà náà gbọ́dọ̀ ti kan ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní tiwọn, ààlà ni wọ́n, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní tépù lè tọ ààlà. Àwọn nìkan náà sì tó. Bí a bá kan igi mẹ́ta pọ̀, tí a fi ìṣó kan ṣoṣo sí orígun kọ̀ọ̀kan, a kò ní lè fà á kí ìrísí rẹ̀ yí padà mọ́, ṣùgbọ́n igi mẹ́rin tí a bá kàn bẹ́ẹ̀ yóò máa yẹ̀ sọ́tùn-ún yẹ̀ sósì. Káfíńtà tí ń kan òrùlé mọ èyí dáadáa, ìdí nìyí tí igi òrùlé fi kún fún onígun mẹ́ta. Ohun tí ó túmọ̀ sí fún wa ni pé gígùn mẹ́ta kan kò lè bí ju onígun mẹ́ta kan lọ, ìwọ̀n ààyè inú rẹ̀ sì ti wà ní pàtó kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Iṣẹ́ tiwa kò ju pé kí a yọ ọ́ jáde.

Ìlànà tí a óò lò ni a ń fi orúkọ Hẹ́rọ́nù ará Alẹkisáńdíríà pè, ẹni tí ó gbé ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ìwé tí ó kọ nípa ìwọ̀n sọnù mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé lójú fún ìgbà pípẹ́ títí di 1896, nígbà tí a rí ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ ní Konsitantinópù, ìlú tí a ń pè ní Ìsítáńbùlù lónìí. Al-Bírúnì, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn, sọ ní tirẹ̀ pé Akimédésì tí ó ṣáájú Hẹ́rọ́nù ni ó ni ìlànà náà. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́, tí a bá fi a, b àti c dúró fún gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

s = (a + b + c) / 2

Ìwọ̀n ààyè = √( s × (s − a) × (s − b) × (s − c) )

Lẹ́tà s dúró fún ìdajì àyíká, ìyẹn ni pé bí a bá rìn yí onígun mẹ́ta náà ká pátápátá, s ni ìdajì ìrìn náà. Àmì √ ń bèèrè fún gbòǹgbò nọ́ńbà, èyíinì ni nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní iye tí ó wà lábẹ́ àmì náà, gẹ́gẹ́ bí 5 ti jẹ́ gbòǹgbò 25.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ oríta kan tí ẹni tí ń tà á pè ní ìdajì pulọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ọ̀nà kékeré jẹ́ mítà 17.4, èyí tí ó kọjú sí ọ̀nà ńlá jẹ́ mítà 22.6, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó bá ọgbà pààlà sì jẹ́ mítà 28.0. A óò tẹ̀ lé e láti orí ìwọ̀n dé orí èsì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: wíwọn ẹ̀gbẹ́

Ènìyàn méjì ni ó yẹ kí ó di tépù mú, kì í ṣe ẹnì kan tí ó fi òkúta tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti àárín òpó ààlà kan dé àárín òpó ààlà kejì ni a ń wọ̀n, kì í ṣe láti ara ògiri tí ẹnì kan mọ sí ìtòsí. Kí a fa tépù náà kí ó le, kí a wọn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí àlọ àti àbọ̀ bá fi ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ yàtọ̀ síra, èmi á wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tépù kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ojú ilẹ̀. A ó di orí rẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sókè títí tí tépù yóò fi tẹ́jú bí omi inú àwo, nítorí pé ìwọ̀n títẹ́jú ni ìwé ilẹ̀ máa ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ tí ó jẹ́ mítà 28 lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó fi mítà 3 lọ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò ju mítà 27.84 lọ ní ìwọ̀n títẹ́jú. Bí ó bá gùn jù láti dì mú lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n ní ègé ègé bí àtẹ̀gùn, kí ẹ sì ro àwọn ègé náà pọ̀.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ba ìṣirò jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà àti íńṣì. Ọ̀pọ̀ tépù tí ó wà lọ́jà ní mítà ní ojú kan, wọ́n sì ní ẹsẹ̀ bàtà ní ojú kejì. Mo ti kọ ẹsẹ̀ bàtà 57 àti íńṣì 11 sílẹ̀ rí gẹ́gẹ́ bí 57.11, mo sì ṣe ìṣirò náà parí kí n tó rántí pé íńṣì 12 ni ó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, kì í ṣe 100. Íńṣì 11 tí a bá fi 12 pín jẹ́ 0.92, nítorí náà 57.92 ni ó yẹ kí n kọ. Íńṣì mẹ́wàá gbáko, tàbí kí ó kù díẹ̀, ni mo ti jù nù lára ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá lè lo ojú mítà, kí ó kúkú lò ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé onígun mẹ́ta ni lóòótọ́?

Kí a tó ṣírò ohunkóhun, kí a ro ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kúrú pọ̀, kí a sì fi wé èyí tí ó gùn jù. Àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ju èyí tí ó gùn lọ. 17.4 àti 22.6 jẹ́ 40.0, ìyẹn sì ju 28.0 lọ dáadáa, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé. Bí a bá gbé gígùn 9, 12 àti 23 wá fún wa, kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ 9 àti 12 tí a bá so pọ̀ ní gbọọrọ kò lè dé ìpẹ̀kun 23. Ẹnì kan ti ka tépù ṣì, tàbí ó ti kọ mítà mọ́ ẹsẹ̀ bàtà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdajì àyíká àti ìyọkúrò mẹ́ta

Àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 17.4 + 22.6 + 28.0 = 68.0. Ìdajì rẹ̀ ni s, tí í ṣe 34.0. Àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe jù níhìn-ín ni pé wọ́n máa ń gbàgbé láti pín in sí méjì, wọ́n á sì máa yọ ẹ̀gbẹ́ kúrò lára gbogbo àyíká. Èsì wọn á tóbi kọjá ààlà, síbẹ̀ kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún wọn.

Nísinsìnyí, a ó yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò lára s:

34.0 − 17.4 = 16.6

34.0 − 22.6 = 11.4

34.0 − 28.0 = 6.0

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹ ro ìyókù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: 16.6 + 11.4 + 6.0 = 34.0. Ó padà jẹ́ s. Kì í ṣe èèṣì, nítorí pé a mú s ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì yọ gbogbo àyíká, tí í ṣe s méjì, kúrò lára rẹ̀, s kan ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Nígbàkigbà tí àròpọ̀ ìyókù mẹ́ta bá kọ̀ láti jẹ́ s, àṣìṣe wà nínú àròpọ̀, nínú ìpín tàbí nínú ìyọkúrò, ibẹ̀ sì ni kí a ti tún un ṣe, kí a má ṣe gbé e lọ síwájú. Ẹni tí ó gbàgbé láti pín àyíká sí méjì yóò rí ara rẹ̀ mú níbí pẹ̀lú, nítorí pé ìyókù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ́ 50.6, 45.4 àti 40.0, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 136, tí í ṣe ìlọ́po méjì 68. N kò mọ àyẹ̀wò mìíràn nínú ìṣirò yìí tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń mú olè tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìsọdipúpọ̀ àti gbòǹgbò

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó wà lọ́wọ́ wa, s fúnra rẹ̀ àti ìyókù mẹ́ta. Mo máa ń sọ wọ́n di púpọ̀ ní méjì méjì, kí ó lè rọrùn láti tún wò. 34.0 × 16.6 jẹ́ 564.4, 11.4 × 6.0 jẹ́ 68.4, 564.4 × 68.4 sì jẹ́ 38,604.96. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtóbi nọ́ńbà yìí dẹ́rù bà yín, gbòǹgbò ni yóò dá a padà sí ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ìṣirò tí ó wà lórí fóònù lè yọ gbòǹgbò náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí, ọ̀nà tí Hẹ́rọ́nù fúnra rẹ̀ lò ṣì wà. A ó ro nọ́ńbà kan tí ó sún mọ́ ọn. Nítorí pé 200 × 200 jẹ́ 40,000, ohun tí a ń wá kéré díẹ̀ sí 200; ẹ jẹ́ kí a sọ pé 196 ni. A ó fi 196 pín 38,604.96, yóò fún wa ní 196.96. Bí 196 bá ti kéré jù díẹ̀, nígbà náà 196.96 ti pọ̀ jù díẹ̀, gbòǹgbò tòótọ́ sì wà láàárín wọn. A ó ro méjèèjì pọ̀, a ó pín in sí méjì, a ó sì rí 196.48. Bí a bá tún fi 196.48 ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú nọ́ńbà méjì tí ó tẹ̀ lé àmì dẹ́símà, ìyẹn ni pé a ti dé ibi tí a ń lọ.

Onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 7, 8 àti 9 ni Hẹ́rọ́nù fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀. Ìdajì àyíká rẹ̀ jẹ́ 12, ìyókù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 5, 4 àti 3, ohun tí a ó sì wá gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 720. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 27, ó fi pín 720, ó mú àárín àwọn méjèèjì, ó sì rí 26 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Bí a bá fi nọ́ńbà yìí sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 720 àti ìdá kan nínú 36 ni a óò rí, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sì ni ó gbé e débẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ dánrawò, kí ó fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ oríta wa, nítorí náà, jẹ́ sikuwéà mítà 196.48. Kí a tó lè fi wé ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á, a ó yí i padà sí sikuwéà ẹsẹ̀ bàtà, nípa fífi 10.764 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì fún wa ní nǹkan bí 2,115. Pulọ́ọ̀tì kò dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan ń ka ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, àwọn mìíràn ń ka 60 sí 120. Bí a bá tilẹ̀ mú èyí tí ó kéré nínú wọn, 5,000 ni odidi pulọ́ọ̀tì, 2,500 sì ni ìdajì rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n pè ní ìdajì pulọ́ọ̀tì fi 385 dín sí ìdajì, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ náà gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí a padà lọ bá ilẹ̀ náà

Ìṣirò tí ó dára lórí ìwé lè jẹ́ ti ilẹ̀ mìíràn bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ àṣìkà. Bí àárín ilẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè sọ fún wa ní pàtó ibi tí ìdúró ti kan ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù. Kí c jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó gùn jù, kí lẹ́tà a jẹ́ ọ̀kan nínú méjì yòókù, kí b jẹ́ èkejì, kí x sì jẹ́ ibi tí a ń wá, tí a bá ka á lórí c láti orígun tí ẹ̀gbẹ́ a àti ẹ̀gbẹ́ c ti pàdé:

x = (a² + c² − b²) / (2c)

Nínú ilẹ̀ wa, 17.4 tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 302.76, ti 28.0 jẹ́ 784, ti 22.6 sì jẹ́ 510.76. A ro méjì àkọ́kọ́ pọ̀, a yọ ẹ̀kẹta kúrò, ó ku 576. A fi 56 pín in, ó jẹ́ 10.29. Ẹ dúró ní orígun tí ọ̀nà kékeré ti pàdé ọgbà, ẹ wọn mítà 10.29 lórí ààlà ọgbà náà, kí ẹ sì kan èèkàn mọ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìdúró, èyí tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú lásán kò lè rí.

Báwo wá ni ìdúró náà ṣe yẹ kí ó gùn tó? Ìwọ̀n ààyè ni a ó sọ di ìlọ́po méjì, tí a ó sì fi 28 pín: 392.96 / 28 = 14.03. Ẹ fa tépù láti ìdí èèkàn náà dé òpó ààlà tí ó wà ní ẹnu oríta. Bí ó bá ka mítà 14.03, tàbí tí ó yàtọ̀ sí i pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, ìwọ̀n àti ìṣirò ti gba ara wọn gbọ́. Bí ó bá yàtọ̀ pẹ̀lú ìdajì mítà, kí ẹ má ṣe san owó kankan ní ọjọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan wà tí ó yẹ kí ẹ tún wọ̀n.

Ẹni tí kànga kò bá jẹ́ kí ó fa tépù kọjá lè ṣe àyẹ̀wò náà lórí ìwé nìkan. 17.4 ni ẹ̀gbẹ́ dídábùú, 10.29 ni ìdí, nítorí náà ìdúró tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ jẹ́ 302.76 − 105.88 = 196.88, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 14.03. Ìdajì 28 × 14.03 mú wa padà sí bí 196.4, ìdá kékeré tí ó yà á sọ́tọ̀ wá láti inú nọ́ńbà tí a gé kúrú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ìṣirò nìkan ni èyí ń yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ka tépù ṣì, kò ní lè sọ fún wa.

Ibi tí ìlànà náà ti ń tanni

Kì í ṣe gbogbo onígun mẹ́ta ni ó ń gba àṣìṣe tépù mọ́ra bákan náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé a ṣì ẹ̀yìn ilẹ̀ oríta wa kà, a kọ 28.1 dípò 28.0. Ìwọ̀n ààyè rẹ̀ yóò yí padà láti 196.48 sí 196.53. Kò tó nǹkan kan. Ohun tí ó fà á ni pé igun tí ó kọjú sí ẹ̀yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí igun ojú ìwé, irú igun bẹ́ẹ̀ sì lè ṣí tàbí kí ó pa dé díẹ̀ láìjẹ́ pé ààyè inú rẹ̀ yí padà.

Ẹ wá wo ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó wà láàárín odò àti ojú ọ̀nà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 10, 15 àti 24.8. Ìdajì àyíká jẹ́ 24.9, ìyókù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 14.9, 9.9 àti 0.1, èsì rẹ̀ sì jẹ́ sikuwéà mítà 19.17. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó di tépù bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 kà á jù, tí ó kọ 24.9, èsì yóò já wálẹ̀ sí 13.62. Àṣìṣe tí kò ju ìbú ọwọ́ lọ ti jẹ ju ìdá mẹ́rin ilẹ̀ náà lọ. Bí ó bá kọ 25.0, ìyókù kan á di òfo, gbogbo ilẹ̀ á sì pòórá, nítorí pé 10 àti 15 jẹ́ 25 gẹ́lẹ́, ìlà gbọọrọ lásán ni ó kù.

Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n wà ní ìgbésẹ̀ kẹta. Bí ọ̀kan nínú ìyókù mẹ́ta bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe tépù fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èsì náà, bí nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé àmì ti wù kí ó pọ̀ tó. Irú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a wá ọ̀nà wọn ìdúró rẹ̀ gan-an, ó sì dùn mọ́ni pé ìdúró rẹ̀ máa ń kúrú, tí kò sì ṣòro láti wọ̀n.

Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ láti ṣírò lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Nínú tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú A1, B1 àti C1, kí ẹ sì tẹ èyí sínú àpótí kẹrin:

```
=SQRT((A1+B1+C1)*(B1+C1-A1)*(A1+C1-B1)*(A1+B1-C1))/4
```

Ìlànà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé a kò dá s sọ́tọ̀ mọ́. Ìpín sí méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni ó di 4 ní ìparí. Bí ó bá gbé #NUM! jáde, ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kọ kò lè pàdé, ohun tí a yẹ̀ wò ní ìgbésẹ̀ kejì ni ó kùnà.

Nígbà tí igun bá di mẹ́rin

Mo ti sọ pé igi mẹ́rin tí a kàn pọ̀ yóò máa yẹ̀. Ìdí nìyí tí gígùn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, láìsí ohun mìíràn, kò fi lè sọ bí ilẹ̀ ṣe tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú àárín ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kọjú síra, wọ́n á mú àárín méjì yòókù, wọ́n á sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Fún ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 18, 30, 22 àti 27 bí a ṣe ń yí i ká, ìyẹn yóò jẹ́ 20 × 28.5, tí í ṣe 570. Èsì bẹ́ẹ̀ kì í kéré sí òtítọ́ láé, àfi kí ó bá a dọ́gba tàbí kí ó pọ̀ jù ú lọ, ẹni tí ń rà ni ó sì ń jìyà rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ni kí a wọn ìlà kan sí i, èyí tí ó dábùú ilẹ̀ náà láti orígun kan dé orígun tí ó kọjú sí i. Ilẹ̀ náà yóò pín sí onígun mẹ́ta méjì, a ó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ṣe lókè, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Bí ìlà ìdábùú láti orígun tí 27 àti 18 ti pàdé bá jẹ́ mítà 34, onígun mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ 18, 30 àti 34, ààyè rẹ̀ sì jẹ́ 269.46, èkejì ní 34, 22 àti 27, ààyè rẹ̀ jẹ́ 296.66; àpapọ̀ jẹ́ 566.12. Ṣùgbọ́n bí ìlà ìdábùú náà bá jẹ́ mítà 40, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yí padà rárá, onígun mẹ́ta méjèèjì á di 253.11 àti 280.80, àpapọ̀ á sì jẹ́ 533.91. Sikuwéà mítà 36 ni ẹni tí ó gba 570 gbọ́ yóò san owó rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ya àwòrán ilẹ̀ onígun mẹ́rin sínú ìwé yín, ẹ kọ gígùn ìlà ìdábùú sí i pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ orígun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ wọn ìlà ìdábùú kejì pẹ̀lú, kí ẹ fi í ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kejì, èsì méjèèjì kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ ju ohun tí tépù lè fà lọ.